Orí Karùn-ún: Ìṣíhùn Lábẹ́ Kánópì

Ọjọ́ Sátidé ni, wọ́n ń náwó ní Igbemo. Kánópì ti gba ojúde tán, olórin sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ki àwọn tó mọ̀ pé owó wà lápò wọn. Ẹ jókòó nítòsí obìnrin kan tẹ́ ẹ ò rí rí. Ó sọ nǹkan kan fún ọmọdé tó ń pín omi, ọmọ náà sì rẹ́rìn-ín títí tí omi ọwọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sílẹ̀. Ó wá wù yín kẹ́ ẹ bá obìnrin yìí sọ̀rọ̀. Ó lè jẹ́ ọ̀rẹ́ lẹ ń wá, ó lè jẹ́ aya, ó sì lè jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ mọ ohun tó pa ọmọ náà lẹ́rìn-ín. Ẹ la ẹnu, ẹ tún pa á dé.

Láyé àtijọ́, tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́, ẹlòmíràn ni ì bá la ẹnu náà fún yín. Alárinà ni yóò tọ ọmọbìnrin lọ, òun ni yóò máa gbé ọ̀rọ̀ lọ, tí yóò máa gbé e bọ̀. Nígbà tí ọmọbìnrin bá sì gbà, wọ́n á ní ó ti ṣíhùn, owó tí wọ́n bá san lórí rẹ̀ ló ń jẹ́ owó ìṣíhùn. Ẹ kíyè sí i pé ohùn ọmọbìnrin ni wọ́n ń retí, ohùn ọkùnrin kọ́ ló jọ wọ́n lójú. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti gbàgbé èyí. A máa ń wá gbólóhùn tí yóò mú kí àwa dára létí ẹni tó ń gbọ́ wa, bẹ́ẹ̀ gbólóhùn tó wúlò ni èyí tó mú kó rọrùn fún un láti dáhùn. Orí yìí dá lórí bí a ṣe ń yan irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀.

Ẹrù tí a kò lè dá sọ̀

Gbólóhùn àkọ́kọ́ dà bí ẹrù tí a gbé ru ẹni tí a kò mọ̀. Ẹrù kan wà tó fúyẹ́, ẹni tí a gbé e rù lè dá a sọ̀ kalẹ̀ nígbàkigbà tó bá wù ú. Òmíràn wà tó jẹ́ pé bó ti dé orí rẹ̀ báyìí, ọrùn rẹ̀ ti wọ̀, ó sì di dandan kó wá ẹni tí yóò sọ̀ ọ́.

Ẹ wo ọkùnrin tó kọjú sí obìnrin náà tó ní, "Ẹ̀rín yín yìí máa pa èèyàn o." Kí ni kí ó fèsì? Bó bá ní "ẹ ṣé," ó dà bíi pé ó ti fún ọkùnrin náà láyè. Bó bá dákẹ́, wọ́n á ní ó ń gbéra ga. Bó bá ní òun kò fẹ́, ó ti di ẹni tó dójú ti èèyàn lójú agbo. Ọkùnrin náà rò pé ẹ̀bùn ni òun fún un, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ni ó bẹ̀ ẹ́. "Ṣé ẹ ti lọ́kọ?" wúwo ju èyí lọ. "Ọmọ ta ni yín nílùú yìí?" kò fi bẹ́ẹ̀ burú lẹ́nu àgbàlagbà, àmọ́ lẹ́nu àlejò tí kò tíì kí èèyàn, ó jọ ìbéèrè ọlọ́pàá.

Ní ọdún 1986, Chris Kleinke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Wọ́n kó gbólóhùn tí àwọn èèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ jọ, wọ́n sì ní kí tọkùnrin tobìnrin sọ èyí tó dùn mọ́ wọn nínú rẹ̀. Ìsọ̀rí mẹ́ta ló jáde. Àkọ́kọ́ ni gbólóhùn tó lọ tààrà: ẹni náà sọ pé ẹlòmíràn wu òun, ó tán. Èkejì ni gbólóhùn tí kò lẹ́gùn-ún: ìkíni lásán, tàbí ìbéèrè kékeré nípa ibi tí wọ́n wà. Ẹ̀kẹta ni ti aláwàdà, èyí tí ọ̀dọ́ máa ń há sórí kó tó jáde nílé. Tọkùnrin tobìnrin ni kò fẹ́ràn ti aláwàdà. Àwọn obìnrin sì gba ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, èyí tí kò lẹ́gùn-ún, tọwọ́tẹsẹ̀ ju bí àwọn ọkùnrin ti gbà á lọ.

Orí ìwé ni wọ́n ti ṣe ìwádìí yìí o, kì í ṣe lóde àríyá, àwọn ará Amẹ́ríkà ni wọ́n sì bi léèrè. Ẹ má fi ṣe òfin. Ìdí tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ dì mú: gbólóhùn tí kò lẹ́gùn-ún ni èyí tí ẹni tó gbọ́ ọ lè dá sọ̀. Ìdí yẹn kò yí padà láti Amẹ́ríkà dé Igbemo.

Ohun tí "ẹ kú" ń ṣe

Yorùbá ti ní irinṣẹ́ fún èyí tipẹ́. Ẹ mú "ẹ kú," ẹ fi orúkọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ sí i, ìkíni ti dé. Ẹni tó jókòó, ẹ kú ìjókòó. Ẹni tó dúró, ẹ kú ìdúró. Oòrùn mú, ẹ kú oòrùn. Olóde ń sáré káàkiri, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú àlejò. A lè ṣẹ̀dá tuntun lójú ẹsẹ̀, kò sì ní ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Bí ẹ̀rọ gbohùngbohùn olórin bá fẹ́ fọ́ yín létí, tẹ́ ẹ sì kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín pé "ẹ kú ariwo o," yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì dá a padà fún yín.

Ẹ wo bí iṣẹ́ tí irú ìkíni yìí ń ṣe ti pọ̀ tó. Ó dárúkọ ohun tí ẹ̀yin méjèèjì jọ wà nínú rẹ̀, kò sì dárúkọ ara ẹni náà, ojú rẹ̀ tàbí aṣọ rẹ̀. Ó bọ̀wọ̀ fún un láìdúró mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Èsì rẹ̀ sì ti wà nílẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò ronú kó tó ní "ẹ kú o" tàbí "ẹ ṣé o." Ẹrù tó fúyẹ́ jù lọ nìyẹn.

Àmọ́ ibi tó ti fúyẹ́ náà ni àléébù rẹ̀ wà. Ìkíni máa ń pa ara rẹ̀ dé. Ẹ kí i, ó jẹ́ yín lóhùn, ọ̀rọ̀ parí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti kí èèyàn dáadáa báyìí, tó wá ń wo iwájú bí ère títí wọ́n fi kó àga. Ìdí nìyẹn tí ìkíni fi nílò ẹsẹ̀ kejì, ìbéèrè kékeré kan tó tẹ̀ lé e kí dídákẹ́ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ìbéèrè yìí gbọ́dọ̀ wà lórí ohun tí ojú yín méjèèjì jọ ń rí. Ó gbọ́dọ̀ ṣeé fi ọ̀rọ̀ kan péré dáhùn láìjẹ́ pé ó jọ àfojúdi. Ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó lè di ìtàn bí ẹni náà bá fẹ́. Ìbéèrè tí "àbí" wà láàárín rẹ̀ máa ń ṣe é dáadáa, nítorí ó ti gbé èsì méjì kalẹ̀ fún ẹni náà, kó kàn mú ọ̀kan.

Ẹ ṣọ́ra lórí irú òde tó jẹ́ o. Níbi òkú àgbà, "ẹ kú ìnáwó" tọ́. Bó bá jẹ́ òkú ọ̀fọ̀ lẹ bá lọ, ẹ kú ará fẹ́ra kù ni, ẹ sì fi ẹsẹ̀ kejì sílẹ̀ nílé. Ọjọ́ yẹn kọ́ ni ọjọ́ ọ̀rẹ́ tuntun. Ní ti àṣìṣe kékeré, ẹ má bẹ̀rù. Bí ẹ bá kí àlejò bíi tiyín pé "ẹ kú ìnáwó" nítorí ẹ rò pé ẹbí olóde ni, yóò ní, "Rárá o, àlejò lèmi náà." Ó ti sọ nǹkan fún yín láìjẹ́ pé ẹ bi í. Ẹ lè tọ ọ̀nà yẹn lọ.

Ìrẹsì tó wà nínú àwo

Ẹ jẹ́ ká padà sábẹ́ kánópì wa, ká wo bó ṣe lè lọ. Olùkọ́ kan wá láti Adó, ẹgbẹ́ ọkọ ìyàwó ló bá wá. Àga méjì ló wà láàárín òun àti obìnrin tó pa ọmọdé lẹ́rìn-ín, báàgì obìnrin náà sì wà lórí ọ̀kan nínú wọn. Ọjọ́ orí òun àti obìnrin náà sún mọ́ra.

Olùkọ́ yìí kò sáré. Báàgì tó wà lórí àga ní ohun tó ń sọ: ó lè jẹ́ pé obìnrin náà ń fi àga pamọ́ fún ẹnìkan. Kò bọ́ sórí àga kejì tó kù. Ó jókòó síbi tó wà títí oúnjẹ fi dé. Oúnjẹ ni àkókò tó dára, nítorí ọwọ́ olúkúlùkù ní iṣẹ́ tó ń ṣe, kò sẹ́ni tí yóò máa wá ibi tí yóò gbójú sí. Olórin náà sì ti gba ìsinmi, kò ní di dandan kí olùkọ́ fẹnu sún mọ́ obìnrin náà létí kó tó gbọ́.

Wọ́n gbé ìrẹsì dé. Ẹni tó bá mọ Igbemo mọ̀ pé ìrẹsì ni wọ́n fi ń dá ìlú náà mọ̀ ní gbogbo Èkìtì. Obìnrin náà fi síbí yà á díẹ̀ kó tó jẹ ẹ́, bí àwọn tó mọ ìrẹsì ìbílẹ̀ ti máa ń ṣe. Olùkọ́ rí i.

"Ẹ kú ìjókòó o," ó wí, ó sì tẹrí ba díẹ̀.

"Ẹ kú o."

"Ẹ jọ̀ọ́, ìrẹsì Igbemo gangan nìyí ni, àbí èyí tó ti òkèèrè wá?"

Obìnrin náà wò ó, ó wo àwo. "Igbemo ni. Ẹ tọ́ ọ wò ná. Ìyá mi ṣiṣẹ́ rẹ̀ títí mo fi wọ yunifásítì."

Ẹ dúró níbẹ̀ ká yẹ èsì yìí wò. "Igbemo ni" nìkan ti tó láti dáhùn ohun tí ó bi í. Ibẹ̀ ni ì bá ti dá ẹrù náà sọ̀ bó bá fẹ́, olùkọ́ ì bá dúpẹ́, kálukú a sì máa jẹun rẹ̀. Ó fi nǹkan mẹ́ta kún un tí ẹnikẹ́ni kò bi í: ó ní kí olùkọ́ tọ́ ọ wò, ó mẹ́nu kan ìyá rẹ̀, ó mẹ́nu kan yunifásítì. Ẹni tí kò fẹ́ ọ̀rọ̀ kì í fi èènì sí i. Èènì yìí ni ohun tó yẹ kẹ́ ẹ máa fetí wá lẹ́yìn gbólóhùn àkọ́kọ́, ju ẹ̀rín lọ. Èèyàn lè fi ẹ̀rín ṣe ọmọlúàbí lásán.

Èwo ni kí olùkọ́ mú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé òun náà wọ yunifásítì, pé báyìí báyìí ni òun ṣe jáde, ó ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Bó bá fò sórí "orúkọ yín ńkọ́, ẹ fún mi ní nọ́ńbà yín," ó ti fi hàn pé ìrẹsì kì í ṣe ohun tó ń bi í léèrè látìbẹ̀rẹ̀, ara obìnrin náà yóò sì kó jọ. Èyí tó ṣe ni pé ó mú ọ̀kan nínú ohun tí obìnrin náà fúnra rẹ̀ gbé kalẹ̀, ó sì bi í léèrè síwájú sí i.

"Gbígbìn ni ìyá yín ń gbìn ín ni, àbí wọ́n ń bọ̀ ọ́?"

"Bíbọ̀. Èmi ni mo máa ń ṣa òkúta. Ojú mi yìí, òkúta ló kọ́ ọ níṣẹ́."

Ọ̀rọ̀ ti dé ibi tí olùkọ́ kò lè dá gbé e dé. Obìnrin náà ṣàlàyé fún un pé wọ́n á rẹ ìrẹsì eléèpo, wọ́n á bọ̀ ọ́, wọ́n á sá a sóòrùn kó tó dé ẹ̀rọ, àti pé níbi tí wọ́n bá ti sá a sílẹ̀ ni òkúta ti ń bá a lọ. Nígbà tó ń sọ ti ilé wọn, "ulé" ló pè é, bí àwọn ará Èkìtì ti ń pè é. Olùkọ́ náà dáhùn pẹ̀lú "ulé" tiẹ̀. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, nítorí Yorùbá ilé ìwé ni wọ́n ti ń bá ara wọn sọ látìbẹ̀rẹ̀. Obìnrin náà gbé báàgì rẹ̀ kúrò lórí àga.

Ìbéèrè tó tẹ̀ lé èsì tí ẹni náà fúnra rẹ̀ fúnni ni Karen Huang àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Háfáàdì ṣèwádìí lé lórí ní ọdún 2017. Wọ́n wo ọ̀rọ̀ tí àwọn àjèjì bá ara wọn sọ, wọ́n sì rí i pé ẹni tó ń béèrè púpọ̀ ni àwọn tí ó bá sọ̀rọ̀ fẹ́ràn jù, pàápàá bí ìbéèrè rẹ̀ bá ti inú èsì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un jáde. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ń fi hàn pé ó gbọ́. Ẹni tó há ìbéèrè mẹ́wàá sórí wá láti ilé kò lè ní i, nítorí inú ọ̀rọ̀ ni ó ti ń yọ.

Bí ó bá wọ́, ẹ mọ̀ ọ́n

Ká tún ìtàn kan náà sọ, kó gba ọ̀nà mìíràn. "Ìrẹsì Igbemo gangan nìyí ni?" Obìnrin náà ní, "Bẹ́ẹ̀ ni," ó sì padà sórí fóònù rẹ̀. Kò sí èènì. Kò bi olùkọ́ ní ohunkóhun padà. Ejìká rẹ̀ kò yí sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan kò tíì tó láti pinnu. Ó lè jẹ́ pé ariwo kò jẹ́ kó gbọ́ dáadáa, ó lè jẹ́ pé ebi ń pa á. Ẹ fi ọ̀rọ̀ kan sí i tí kì í ṣe ìbéèrè, bíi "Ó dùn o," kẹ́ ẹ máa jẹun yín. Bí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ó ti ní ibi tí yóò dì mú. Bí èsì ẹ̀ẹ̀kejì náà bá tún kúrú, tí kò sì wò yín, ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ má ṣe béèrè ẹ̀ẹ̀kẹta. Ìgbà kẹta ni ẹrù tó fúyẹ́ ń di ẹrù tó wúwo, nítorí obìnrin náà yóò ní láti wá ọgbọ́n tí yóò fi lé yín.

Ọ̀nà àbájáde wà nínú ìkíni bákan náà. "Ẹ jẹ́ kí n jẹ́ kẹ́ ẹ jẹun. Ẹ kú ìgbádùn o." Ó jáde bó ṣe wọlé, ojú ò ti ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà àbájáde kó tó wọlé kì í gbọ̀n nígbà tó bá ń kan ilẹ̀kùn.

Ẹ̀rù tó ń bà wá sì máa ń ju ohun tó ń dúró dè wá lọ. Nicholas Epley àti Juliana Schroeder ṣe ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2014. Wọ́n ní kí àwọn kan tó ń wọ ọkọ̀ ojú irin ní Ṣikágò bá àjèjì tó wà nítòsí wọn sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí àwọn mìíràn dá jókòó. Àwọn tó sọ̀rọ̀ ló gbádùn ìrìn àjò wọn jù, bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n ní kí àwọn èèyàn méfò bí yóò ti rí, òdìkejì ni wọ́n sọ. Ní ọdún 2018, Erica Boothby àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún rí i pé lẹ́yìn tí àjèjì méjì bá ti bá ara wọn sọ̀rọ̀, kálukú máa ń rò pé ẹnì kejì kò fẹ́ràn òun tó bí ó ti fẹ́ràn rẹ̀ ní tòótọ́.

Ìwádìí méjèèjì yìí kò sọ̀rọ̀ ìfẹ́ o. Ẹni tó fẹ́ràn bíbáni sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ kò tíì ní òun fẹ́ fẹ́ ẹni tó bá a sọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n fi hàn kò ju pé ìkíni yín kò ní jẹ́ ìyọlẹ́nu tó bí ẹ ti rò. Èyí tó kù wà lọ́wọ́ ẹni tí ẹ kí.

Nígbà tí wọ́n ń kó àwo, olùkọ́ dìde. Kò béèrè nọ́ńbà. Ó ní, "Ẹ kú ìgbádùn o. Ẹ bá mi kí màmá, ẹ ní iṣẹ́ wọn dùn lẹ́nu."

Obìnrin náà ní, "Ẹ ò tíì sọ orúkọ tí màá pè fún wọn."